Ẹni Tó Ń Gbọ́ àti Ẹni Tó Ń Ṣe É: Ọ̀wọ̀ Nínú Ọ̀rọ̀ Ìṣe Èdè Kòríà

Irú iṣẹ́ àmúrelé kan wà tí àwọn tó ń kọ́ èdè Kòríà máa ń bá pàdé láti ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìwé ìparí: ìtàkurọ̀sọ tí a fi àlàfo sí. Ẹni méjì ni yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìlà kan á pé pérépéré, èyí tó tẹ̀ lé e á ní àlàfo, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣe kan sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, láìní ìparí kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fún un ní ìparí tó yẹ. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé 'jada' ni kí èèyàn sùn lè rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Oríṣi 'sùn' tó lè wọ inú àlàfo yẹn ju mẹ́wàá lọ, gbogbo wọn ló sì tọ̀nà ní gírámà. Ẹyọ kan tàbí méjì péré ló bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mu.

Nínú àlàyé yìí, lẹ́tà Yorùbá ni a fi kọ àwọn ọ̀rọ̀ Kòríà bí etí ṣe ń gbọ́ wọn. 'Ọ' àti 'ṣ' inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí ti Yorùbá. A kò fi àmì ohùn sí wọn, torí pé ohùn òkè tàbí ìsàlẹ̀ kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà nínú Kòríà tí wọ́n ń sọ ní Séúlù.

Ìparí gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń wà ní èdè Kòríà, ara ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn sì ni wọ́n ń lẹ ọ̀wọ̀ mọ́. Ọ̀wọ̀ náà pín sí méjì, ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń ṣìnà ni pé wọ́n pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀wọ̀ kìíní wà fún ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, òun ló sì ń pinnu bí ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe yóò ṣe rí. Ọ̀wọ̀ kejì wà fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn olùwà gbólóhùn. Ègé kékeré kan, 'ṣi', ni a fi ń ṣe èyí, àárín ni a sì máa ń fi í sí, kí ìparí tó dé. Ẹni méjèèjì lè jẹ́ ẹnì kan náà, bí ìgbà tí èèyàn ń bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ibi tó ń lọ. Wọ́n sì lè yàtọ̀ pátápátá.

Yorùbá náà ní ọ̀wọ̀ nínú gírámà rẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló fi sí. Bí ọmọ bá ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ìyá àgbà ń bọ̀, 'Wọ́n ń bọ̀' ni yóò wí. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ló ń sọ ọ́ fún, 'Wọ́n ń bọ̀' náà ni. Bí àbúrò ló bá ń bọ̀, 'Ó ń bọ̀' ni fún olùkọ́, òun náà ni fún ọ̀rẹ́. Ọmọ lè fi 'sà' tàbí 'mà' kún un, ó lè dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, síbẹ̀ 'bọ̀' kò yẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀. Ọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú 'wọ́n', ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò sọ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Gbólóhùn mẹ́rin ni Kòríà ní níbi tí Yorùbá ti ní méjì. Bí ìyá àgbà bá ń bọ̀ tí olùkọ́ sì ń gbọ́, 'halmọnikkesọ oseyo' ni. Bí ìyá àgbà bá ń bọ̀ tí ọ̀rẹ́ ń gbọ́, 'halmọnikkesọ oṣọ' ni. Bí àbúrò bá ń bọ̀ tí olùkọ́ ń gbọ́, 'dongsẹngi wayo'. Tí ọ̀rẹ́ bá ń gbọ́, 'dongsẹngi wa'. 'Yo' tó gbẹ̀yìn ni ti olùkọ́. 'Ṣi' tó fara pamọ́ sínú 'oseyo' àti 'oṣọ' ni ti ìyá àgbà, òun náà ló sì fà á tí 'kkesọ' fi wọlé sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ dípò 'i' tó wà lẹ́yìn 'dongsẹng'. Bí òjò lásán ni ọ̀rọ̀ dá lé, níbi tí kò sí ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún nínú gbólóhùn, ẹni tó ń gbọ́ ṣì gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀: 'biga wayo' fún àgbà, 'biga wa' fún ọ̀rẹ́, 'biga omnida' fún àwọn tó jókòó sí ìpàdé. Kò sí bí ọmọ Kòríà ṣe lè sọ pé òjò ń rọ̀ kó má fi hàn irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ìwé gírámà ka ìpele ìsọ̀rọ̀ mẹ́fà. Mẹ́rin ló ń gbéṣẹ́ lónìí. Èyí tó ga jù parí sí 'mnida' tàbí 'sumnida', ìbéèrè rẹ̀ sì parí sí 'mnikka'. Òun ni ti oníròyìn orí tẹlifíṣọ̀n, ti ìpàdé iléeṣẹ́, ti ìkéde ní pápákọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó parí sí 'yo', tó wà fún olùkọ́, oníṣọ́ọ̀bù, àjèjì, àti àgbà inú ilé. Bí a bá yọ 'yo' yìí kúrò, ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ ìpele kẹta gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní 'banmal', ìsọ̀rọ̀ láàárín ọ̀rẹ́, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àti sí ẹni tó kéré síni. Ìkẹrin parí sí 'da' tàbí 'nda'. Àgbà lè fi í bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé ló pọ̀ sí jù: ìwé ìròyìn, ìwé ẹ̀kọ́, àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, níbi tí òǹkọ̀wé kò ti dojú kọ ẹnì kan pàtó. Méjì tó kù ti ń kógbá sílé. 'Hao' ṣì ń dún lẹ́nu àwọn ọba àti ìjòyè inú fíìmù ayé àtijọ́, ó sì wà lára ilẹ̀kùn: 'miṣio' ni kí a tì í, 'dangiṣio' ni kí a fà á. 'Hage' ni àna ọkùnrin tó ti dàgbà lè fi bá ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àmúrelé kì í sábà béèrè méjèèjì yìí.

Ọ̀nà tí 'ṣi' ń gbà wọlé kò le. Bí ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe bá parí sí fáwẹ́lì, 'ṣi' ni a ó lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá parí sí kọ́ńsónáǹtì, 'uṣi' ni. Nígbà tí 'ṣi' bá pàdé ìparí 'ọyo', méjèèjì á yọ́ mọ́ra di 'seyo': 'gada', lọ, á di 'gaseyo', 'ikta', ka ìwé, á di 'ilguseyo'. Ọ̀rọ̀ tí ìdí rẹ̀ parí sí 'l' máa ń sọ 'l' yẹn nù, bí 'salda', gbé, tó ń di 'saseyo'. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ kan kò gbà kí a kàn lẹ nǹkan mọ́ wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tiwọn, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n sì jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbé pẹ̀lú àgbà: jẹun, 'mọkta', di 'duṣida' tàbí 'japsuṣida', sùn, 'jada', di 'jumuṣida', wà níbì kan, 'itta', di 'geṣida', kú, 'jukta', di 'doragaṣida'.

Ìtàkurọ̀sọ kan nìyí, irú èyí tí olùkọ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Sújì, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Séúlù, pe ilé lórí fóònù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì gbé e. Ìlà àkọ́kọ́ ni ti Sújì: 'Halmọni jigum mwọ ___?' Ìyá àgbà ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe báyìí? Inú àkámọ́ ni 'hada', ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: ta ló gbé fóònù dání? Àbúrò ni, nítorí náà 'yo' kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè kejì: ta ló ń ṣe ohun tí à ń bi? Ìyá àgbà ni, nítorí náà 'ṣi' gbọ́dọ̀ wà. 'Ha' pẹ̀lú 'ṣi' pẹ̀lú 'ọ' á di 'haṣọ'. Ìdáhùn nìyẹn: 'Halmọni jigum mwọ haṣọ?' Ẹni tó kọ 'haseyo' ti rí ìyá àgbà nínú gbólóhùn, ó sì ti bá àbúrò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àbúrò ni ìyá àgbà. Ẹni tó kọ 'hẹ' ti rántí àbúrò, ṣùgbọ́n ó fojú kéré ìyá àgbà.

Àbúrò dáhùn: 'Bangesọ ___.' Inú yàrá, 'jada'. Ẹni méjì kan náà ni, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 'jumuṣọ'. Àlàfo yìí ló ń fi ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé hàn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí pé oríṣi àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní orísun tirẹ̀. 'Ja' fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé olùwà. 'Jumuseyo' fi hàn pé ó gbàgbé ẹni tó ń gbọ́. 'Jaṣọ' fi hàn pé ó rántí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé 'jada' ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tirẹ̀. Ìkẹrin ni 'jumuse', ó sì yẹ kí olùkọ́ fi pẹ̀lẹ́ mú ẹni tó bá kọ ọ́, torí ó ti ronú dáadáa. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó yọ 'yo' kúrò bó bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò lára 'jumuseyo'. Ṣùgbọ́n 'se' yẹn kì í dá dúró. Ibi tí 'ṣi' ti pàdé 'ọyo' nìkan ló ti ń yọjú. Bí 'yo' bá lọ, 'ṣi' àti 'ọ' á padà di 'ṣọ'. Ìdí rèé tí òfin yíyọ 'yo' fi ń ṣiṣẹ́ lára 'wayo' tí kò sì ṣiṣẹ́ lára 'oseyo'.

Ìyá àgbà jí, àbúrò sì gbé fóònù fún wọn. Sújì bi wọ́n pé: 'Halmọni, jinji ___?' 'Mọkta' ló wà nínú àkámọ́. Ẹni tó ń gbọ́ àti ẹni tó jẹun ti di ẹnì kan náà báyìí, nítorí náà 'yo' àti 'ṣi' ni a nílò pọ̀. Ohun tó ti kọjá ni a sì ń béèrè: 'duṣọsọyo' tàbí 'japsuṣọsọyo'. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àlàfo ti tọ́ka sí ìdáhùn yìí tẹ́lẹ̀. 'Jinji' ni oúnjẹ àgbà. Tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ ẹni ni, 'bap' ni ìwé ì bá kọ. Ẹni tó bá fi 'mọgọsọyo' sẹ́yìn 'jinji' ti da aṣọ ìyàwó pọ̀ mọ́ aṣọ oko.

Ìyá àgbà fèsì: 'Ung, ___. Nọnun?' Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun, ìwọ ńkọ́? 'Mọkta' tún ni. Níbí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ 'duṣọsọ', wọ́n ní ṣebí ìyá àgbà ló jẹun. Ìyá àgbà náà ló jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi 'ṣi' bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ ní Kòríà, bó ti wù kó dàgbà tó. 'Mọgọsọ' lásán ni ìdáhùn. Sújì náà á wá sọ pé òun ti jẹun: 'Ne, jọdo mọgọsọyo.' 'Yo' wà nítorí ìyá àgbà ń gbọ́, 'ṣi' kò sí nítorí Sújì ni olùwà. Ìlà méjèèjì yìí fi bí ọ̀wọ̀ méjèèjì ṣe dá dúró hàn kedere, torí ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, oúnjẹ kan náà, àárín ẹni méjì kan náà, síbẹ̀ ìparí wọn kò jọra.

Àlàfo tó gbẹ̀yìn mú ọ̀wọ̀ kẹta wá, tó wà fún ẹni tí à ń ṣe nǹkan fún. Sújì ṣèlérí pé: 'Toyoire halmọnikke sọnmul ___.' Lọ́jọ́ Sátidé, òun máa fún ìyá àgbà ní ẹ̀bùn. 'Juda', fún, ló wà nínú àkámọ́. 'Ṣi' kò lè wọlé, torí Sújì ni olùwà. Ṣùgbọ́n 'juda' kò lè dúró bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Ó ní láti di 'durida', ọ̀rọ̀ tí ẹni ìsàlẹ̀ fi ń fún ẹni òkè ní nǹkan. Ìdáhùn ni 'durilkkeyo'. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: 'bwepta' ni kí a rí àgbà, 'moṣida' ni kí a sin àgbà lọ síbì kan, 'yọjjupta' ni kí a béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. 'Kke' tó wà lẹ́yìn 'halmọni' ló ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lajú. Ẹni tó kọ 'juṣilkkeyo' ti bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀. 'Lkkeyo' jẹ́ ìlérí láti ẹnu olùwà fúnra rẹ̀, 'ṣi' kò sì ní iṣẹ́ kankan níwájú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn àti ilé ìṣerunlóge ní Kòríà máa ń sọ 'oṣilkkeyo' fún oníbàárà tí wọ́n bá fẹ́ kó bọ́ síbì kan, àwọn onímọ̀ èdè ibẹ̀ kò sì yéé bá wọn wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àmúrelé.

Ìwé iṣẹ́ kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láìsí àmì, ó kàn jẹ́ pé ìlà tó ní àlàfo nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń kà. 'Ne' ni bẹ́ẹ̀ ni fún àgbà, 'ung' ni fún ọ̀rẹ́. 'Jọ' ni èmi níwájú àgbà, 'na' ni èmi láàárín ẹgbẹ́. 'Nim' tó tẹ̀ lé oyè, bíi 'sọnsẹngnim', olùkọ́, máa ń pe 'ṣi' wá. Bí orúkọ bá parí sí 'a' tàbí 'ya' nígbà tí a pè é, ọ̀rẹ́ tàbí ọmọdé ni à ń pè, 'banmal' sì ni yóò tẹ̀ lé e. Ìlà ẹnì kejì náà kò gbọdọ̀ fò: 'banmal' ni ìyá àgbà fi bá Sújì sọ̀rọ̀, Sújì sì fi 'yo' dá wọn lóhùn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé ìpele ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba á fi 'yo' sí ẹnu ìyá àgbà, ìyá àgbà náà á sì dà bí àjèjì sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ibì kan wà tí kò fara hàn nínú ìtàkurọ̀sọ Sújì, tó sì ń da àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà láàmú. 'Itta' ni kí nǹkan wà, òun náà sì ni kí èèyàn ní nǹkan. Bí àgbà fúnra rẹ̀ bá wà níbì kan, 'geṣida' ni: 'Sọnsẹngnim, jibe geseyo?' Ṣé olùkọ́ wà nílé? Bí ohun tí àgbà ní ni à ń béèrè, 'isuṣida' ni: 'Sọnsẹngnim, ṣigan isuseyo?' Ṣé olùkọ́ ní àyè? 'Ṣigan geseyo' jẹ́ àṣìṣe, torí pé àkókò ni yóò di ẹni àpọ́nlé. 'Isuseyo' tọ̀nà nítorí pé ọ̀wọ̀ náà gba ara ohun tí àgbà ní kọjá lọ bá a. Báyìí náà ni a ṣe lè fi 'ṣi' sọ pé ojú ìyá àgbà ń ríran dáadáa, tàbí pé ọmọ olùkọ́ pọ̀. Ohun tó kàn jẹ́ ọjà kò ní irú ẹ̀tọ́ yìí. Ní àwọn ilé kọfí, òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀rù kí oníbàárà má bínú á ní 'kọpi naoṣọsumnida', ó sì ti fi ọ̀wọ̀ fún kọfí. 'Kọpi nawasumnida' tó, torí 'sumnida' ti bọ̀wọ̀ fún oníbàárà tán.

Ìṣòro mìíràn ni ti ẹni mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ kékeré ń sọ fún ọ̀gá àgbà pé máníjà ti jáde. Máníjà ju òṣìṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò tó ọ̀gá àgbà. Àṣà àtijọ́ ní kí a má fi 'ṣi' sí ọ̀rọ̀ máníjà, kí ó má baà dà bíi pé a gbé e ga lójú ẹni tó jù ú lọ. Inú ẹbí ni àṣà yìí ti wá, níbi tí ọmọ ti ń bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ nípa bàbá. Ìwé ìlànà lórí ìwà ọmọlúwàbí nínú ọ̀rọ̀ sísọ, tí Ilé-Iṣẹ́ Èdè Kòríà ti ìjọba gbé jáde ní 2011, kò fọwọ́ sí i pé kí a mú un wọ ibi iṣẹ́: 'Gwajangnimi nagaṣọsumnida' ni kí òṣìṣẹ́ wí, pẹ̀lú 'ṣi', ẹnikẹ́ni tí ì báà máa gbọ́. Nínú ilé, ọ̀nà méjèèjì ló fàyè gbà. Ìwé iṣẹ́ tó ti pẹ́ lè ṣì ní ìdáhùn àtijọ́ ní ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó máa ń fa àríyànjiyàn ní kíláàsì.

Nínú ìdánwò TOPIK tí àwọn àjèjì ń ṣe lórí èdè Kòríà, ìpele kejì ní ìbéèrè ìkọ̀wé mẹ́rin, láti 51 dé 54. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ àlàfo tí a ó dí. Ìbéèrè 51 máa ń jẹ́ ìkéde tàbí lẹ́tà ránpẹ́ sí ẹnì kan, nítorí náà ìparí tí ìkéde náà fúnra rẹ̀ ń lò, 'sumnida' tàbí 'yo', ni àlàfo gbọ́dọ̀ gbà, pẹ̀lú 'ṣi' bí olùwà bá jẹ́ ẹni àpọ́nlé. Ìbéèrè 52 jẹ́ àlàyé tí kò dojú kọ ẹnikẹ́ni, ìparí 'da' sì ni tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi odindi ọdún kan ṣe iṣẹ́ ìtàkurọ̀sọ ti mọ́ 'yo' lára, ó sì lè kọ ọ́ síbẹ̀ láìfura, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà níwájú rẹ̀. Máàkì á dín kù lórí ìparí yẹn nìkan, torí pé àárín gbólóhùn tó parí sí 'da' ni 'yo' kan ṣoṣo náà bọ́ sí.